Ìṣirò Tí Kò Pé: Bí A Ṣe Ń Dáhùn Nígbà Tí Iye Kan tàbí Gbólóhùn Ìbéèrè Bá Sọnù

Nígbà tí a bá ń ṣe ẹ̀dà ìwé ìdánwò, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀rọ yóò gé ìlà tí ó kẹ́yìn ojú ìwé kúrò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó tẹ ìwé náà ni yóò fo iye kan láìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé:

"Ìyá Àjọkẹ́ ra agbọ̀n ọsàn 3. ₦12,000 ni ó san lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iye ọsàn kan náà ni ó wà nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó délé, ó rí i pé ọsàn 24 ti jẹrà, ó sì kó wọn dànù. Ó ta ìyókù ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún náírà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí. A kò bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohunkóhun, a kò sì sọ fún un pé ọsàn mélòó ni ó wà nínú agbọ̀n kan. Máàkì wà lórí rẹ̀, aago sì ń lọ. Kí ni kí ó kọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gan-an. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, ó ti hàn gbangba pé iṣẹ́ èdè ni kíkọ ọ̀rọ̀ ìṣirò àti kíkà á. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi ọ̀rọ̀ Ìyá Àjọkẹ́ ṣe àpẹẹrẹ láti fi hàn pé ìdáhùn tí ó péye wà fún ọ̀rọ̀ ìṣirò tí kò pé, àti pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní àwọn àmì tí ń tọ́ka sí ohun tí ó sọnù.

Ohun mẹ́ta tí ń mú ọ̀rọ̀ ìṣirò pé

Ní ọdún 1945, onímọ̀ ìṣirò kan tí ń jẹ́ George Pólya tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń yanjú ìṣòro nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ó gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ohun tí a ń wá? Kí ni àwọn iye tí a fún wa? Kí ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn? Lẹ́yìn náà, kí ó wò ó bóyá ohun tí ó so wọ́n pọ̀ náà tó láti fi rí ohun tí a ń wá, tàbí kò tó, tàbí ó pọ̀ jù, tàbí ó tako ara rẹ̀.

Bí a bá fi èyí yẹ ọ̀rọ̀ Ìyá Àjọkẹ́ wò, a ó rí i pé àwọn iye tí a fún wa jẹ́ mẹ́rin: agbọ̀n 3, ₦12,000, ọsàn 24 tí ó jẹrà, àti ₦100 lórí ọsàn kan. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ìtàn náà: ó rà, díẹ̀ jẹrà, ó ta èyí tí ó kù. Ohun tí a ń wá ni kò sí rárá. Ìtàn náà sì lálàfo láàárín, nítorí pé láti orí agbọ̀n kí a tó dé orí ọsàn, a gbọ́dọ̀ mọ iye ọsàn tí agbọ̀n kan gbà. Àléébù méjì ni ó wà níbẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì, nítorí pé ọ̀nà tí a fi ń dáhùn sí wọn yàtọ̀ síra.

Ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀

Kí a tó máa dáhùn, ó yẹ kí a mọ àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn olùwádìí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní ìlú Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, bi àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbéèrè yìí: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, kí ni ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀ náà? Nínú ọmọ 97 tí wọ́n bi, 76 ni ó dáhùn nípa lílo àwọn iye tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí ó bá ro 26 àti 10 pọ̀ yóò sọ pé ẹni ọdún 36 ni ọ̀gá ọkọ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Ìròpọ̀ wọn tọ̀nà. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wọn láìsọ ọ́ jáde ni pé ọ̀rọ̀ ìṣirò tí olùkọ́ bá gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn, pé gbogbo iye tí ó wà nínú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lò, àti pé ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan yóò gba òdo. Ọmọ tí ó bá gba nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí gbọ́ kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àgùntàn ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí ènìyàn.

Àgbàlagbà náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìdánwò ń kán lójú lè sọ 3 di púpọ̀ ní ọ̀nà 24 kí ó rí 72, kí ó sọ 72 di púpọ̀ ní ọ̀nà 100 kí ó rí ₦7,200, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ₦12,000, kí ó kọ ọ́ pé Ìyá Àjọkẹ́ pàdánù ₦4,800. Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú èyí tí ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé "72 kí ni?", ọ̀rọ̀ náà yóò tú. Ọsàn tí ó jẹrà ni 24, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì jẹrà. Kì í ṣe pé 24 jẹrà nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Oníṣirò yìí wá fi ọsàn tí obìnrin náà ti kó dànù ṣe ọsàn tí ó tà. Bí a ṣe lè dá irú àṣìṣe yìí mọ̀ nìyẹn: kí a fi orúkọ ohun tí a kà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye, kí a sì wò ó bóyá orúkọ náà ṣì bá ìtàn mu.

Ṣé iye náà sọnù lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo iye tí a kò kọ sílẹ̀ ni ó sọnù. Bí a bá sọ pé ẹnì kan ra bíírò dọ́sìnì 2, a kò ní sọ pé 12 sọnù, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ ohun tí dọ́sìnì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù tí ó wà nínú ọdún, àti kọ́bọ̀ tí ó wà nínú náírà. Ìmọ̀ tí a jọ ní ni ó gbé àwọn iye wọ̀nyí dání.

Nígbà mìíràn, èdè ni ó gbé iye náà dání, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì í kà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: "Ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n ná ọjà kan tí wọ́n máa ń ná ní ọrọọrún. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọn yóò ná an láàárín ọjọ́ 28?" Ẹni tí ó bá rí "àrún" nínú "ọrọọrún" lè máa fi 5 kún ọjọ́ ọjà: ọjọ́ kìíní, ìkẹfà, ìkọkànlá, ìkẹrìndínlógún, ìkọkànlélógún àti ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Yóò rí ìgbà 6. Ṣùgbọ́n ní àṣà Yorùbá, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ọjọ́ ọjà òní ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e sì ni ìkarùn-ún, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láti ọjà kan sí èkejì. Àwọn ọjọ́ tí wọn yóò ná an ni ọjọ́ kìíní, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án, ìkẹtàlá, ìkẹtàdínlógún, ìkọkànlélógún àti ìkarùndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà 7 ni. Ọ̀rọ̀ náà pé. Òǹkàwé ni ìmọ̀ rẹ̀ kò pé.

Agbọ̀n kò rí bí dọ́sìnì tàbí ọrọọrún. Agbọ̀n ńlá wà, kékeré wà, bí ọsàn sì ṣe tóbi tó ni yóò pinnu iye tí agbọ̀n yóò gbà. Kò sí àṣà kan tí ó sọ pé ọsàn báyìí ni agbọ̀n kan. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, a lè fi ìdánilójú sọ pé iye tí ó sọnù nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Àjọkẹ́ sọnù lóòótọ́.

Nígbà tí gbólóhùn ìbéèrè bá sọnù

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àléébù àkọ́kọ́. Bí a kò bá bi wá ní ohunkóhun, a lè wo àwọn ìbéèrè tí àwọn iye tí a ní lè gbà. Yorùbá mú èyí rọrùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. "Èló" ń béèrè owó. "Mélòó" ń béèrè iye ohun tí a lè kà. "Kelòó" ń béèrè ipò nínú ètò, "ẹ̀ẹ̀melòó" ń béèrè ìgbà, "ìdá mélòó" sì ń béèrè apá kan lára odidi. Bí a bá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé àwọn kan bá ìtàn náà mu, àwọn kan kò sì bá a mu.

"Kelòó" àti "ẹ̀ẹ̀melòó" kò bá a mu, nítorí pé kò sí ètò ipò kankan nínú ìtàn náà, kò sì sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ó ku "èló", "mélòó" àti "ìdá mélòó". A lè béèrè pé: Ọsàn mélòó ni ó tà? Ìdá mélòó nínú ọsàn náà ni ó jẹrà? Èló ni ó pa lórí ọjà náà? Èló ni èrè tàbí àdánù rẹ̀? Èló ni agbọ̀n kan?

Nínú márààrún, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò nílò iye ọsàn inú agbọ̀n, ìyẹn ni èyí tí ó gbẹ̀yìn. ₦12,000 tí a pín sí ọ̀nà 3 jẹ́ ₦4,000. Síbẹ̀, kí a ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé iye ọsàn kan náà ni ó wà nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Kò sọ pé iye owó kan náà ni wọ́n ta agbọ̀n kọ̀ọ̀kan fún un. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà sọ ni pé, ní ìpíndọ́gba, ₦4,000 ni agbọ̀n kan.

Èwo nínú wọn ni olùbéèrè ní lọ́kàn? Àwọn iye tí ó fún wa ń tọ́ka sí i. Ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ owó agbọ̀n kan kò ní láti sọ̀rọ̀ ọsàn tí ó jẹrà tàbí iye tí wọ́n ta ọsàn kan. Èrè tàbí àdánù nìkan ni ìbéèrè tí yóò lo gbogbo iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ̀ràn tí ó lágbára nìyẹn, ṣùgbọ́n àmọ̀ràn ṣì ni, nítorí pé àwọn olùkọ́ mìíràn a máa fi iye tí kò wúlò sínú ọ̀rọ̀ láti dán ọmọ wò. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dáhùn lórí èrè, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwa ni a gbà pé èrè ni a ń béèrè.

Nígbà tí iye kan bá sọnù

Ẹ jẹ́ kí a wá gbà pé èrè tàbí àdánù ni a ń wá. Àléébù kejì ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n hùmọ̀ iye kan, bíi 50, kí wọ́n sì máa bá ìṣirò lọ bí ẹni pé a fún wọn ni. Àwọn mìíràn á kọ "kò ṣe é ṣe", wọn á sì fi í sílẹ̀. Àárín méjèèjì yìí ni ìdáhùn tí ó dára wà.

Kí a fi àmì kan rọ́pò iye tí a kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe iye ọsàn tí ó wà nínú agbọ̀n kan ní k. Gbogbo ọsàn tí ó rà jẹ́ 3k. Lẹ́yìn tí 24 ti jẹrà, ó ku 3k − 24. Bí ó ti ta wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún náírà, owó tí ó wọlé jẹ́ ìlọ́po 100 iye yẹn. A ó yọ ₦12,000 tí ó fi rà wọ́n kúrò nínú rẹ̀:

```
100 × (3k − 24) − 12000 = 300k − 14400
```

Ìlà kan yìí sọ ju bí a ti lérò lọ. Bí 300k bá jẹ́ 14,400 gẹ́lẹ́, kò sí èrè, kò sì sí àdánù. A ó sì rí èyí nígbà tí k bá jẹ́ 48. Nítorí náà, láìmọ iye ọsàn inú agbọ̀n, a lè sọ pé: bí ó bá ju 48 lọ, Ìyá Àjọkẹ́ jèrè, bí ó bá jẹ́ 48, owó rẹ̀ padà wọlé láìlé láìdín, bí kò bá tó 48, ó pàdánù. A sì lè sọ pé gbogbo ọsàn kan tí ó bá lé lórí 48 nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń fi ₦300 kún èrè rẹ̀, nítorí pé agbọ̀n mẹ́ta ni, ọsàn mẹ́ta ni yóò sì fi lé.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń lo àmì lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò iye mẹ́ta. Kí ó gbìyànjú 40: ọsàn 120 ni ó rà, 96 ni ó tà, ₦9,600 ni ó wọlé, ó pàdánù ₦2,400. Kí ó gbìyànjú 48: ọsàn 144 ni ó rà, 120 ni ó tà, ₦12,000 ni ó wọlé. Kí ó gbìyànjú 60: ọsàn 180 ni ó rà, 156 ni ó tà, ₦15,600 ni ó wọlé, ó jèrè ₦3,600. Ọmọ náà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé iye tí ó sọnù ni ó ń darí ìdáhùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọmọ yìí àti ẹni tí ó hùmọ̀ 50 ni pé ọmọ yìí sọ pé "bí ó bá jẹ́".

Ìtàn náà tún pààlà sí iye tí k lè jẹ́. Ọsàn 24 kò lè jẹrà bí gbogbo ọsàn tí ó rà kò bá tó 24, nítorí náà k kò lè dín ní 8. Bí ó bá sì jẹ́ 8 gan-an, gbogbo ọsàn ni ó jẹrà, kò sí "ìyókù" tí yóò tà. Ẹni tí ó bá fi iye tí ó kéré ju 8 dáhùn ti gbàgbé ohun tí ó kà.

Àtúnpè kan tí ó lè sọnù

Ohun mìíràn wà tí ó lè sọnù tí ojú kì í tètè rí. Nínú ọ̀rọ̀ wa, a kọ ọ́ pé ó ta ìyókù "ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún náírà". Àtúnpè yẹn ni ó sọ fún wa pé ọsàn kọ̀ọ̀kan ni ọgọ́rùn-ún. Bí ẹni tí ó tẹ ìwé bá rò pé àṣìṣe ni, tí ó sì pa ọ̀kan rẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò di "ó ta ìyókù ní ọgọ́rùn-ún náírà". Ohun tí gbólóhùn yẹn sọ ní ṣangiliti ni pé gbogbo ìyókù pátá ni ó ta ní ₦100.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iye ọsàn inú agbọ̀n kò ní ṣe pàtàkì mọ́. ₦100 ni ó wọlé, ₦12,000 ni ó jáde, àdánù náà sì jẹ́ ₦11,900, ìbáà jẹ́ ọsàn 40 tàbí 60 ni ó wà nínú agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà yóò pé, ṣùgbọ́n kò ní bá ìwà ọjà mu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀, kí ó padà lọ wo bóyá àtúnpè kan ti bọ́ nínú gbólóhùn náà. Bákan náà ni "mẹ́tẹ̀ẹ̀ta" ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa: òun ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ₦12,000 kárí gbogbo agbọ̀n, kì í ṣe agbọ̀n kan. "Mẹ́ta", "mẹ́ta-mẹ́ta" àti "mẹ́tẹ̀ẹ̀ta" kì í ṣe ohun kan náà nínú ìṣirò.

Bí a ṣe ń béèrè, àti bí a ṣe ń kọ ìdáhùn

Bí ẹni tí a lè bi bá wà nítòsí, kí a bi í kí a tó kọ ohunkóhun. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe béèrè ni a ó ṣe rí èsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá na ọwọ́ sókè tí ó ní "Ìbéèrè kẹrin kò yé mi" yóò gbọ́ "Lọ tún un kà". Èyí tí ó bá ní "Ẹ jọ̀wọ́, mà, iye ọsàn tí ó wà nínú agbọ̀n kan kò sí nínú ìbéèrè kẹrin, mi ò sì rí ohun tí wọ́n ní kí a wá. Ṣé ó wà nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín?" ti jẹ́ kí olùtọ́jú ìdánwò mọ ohun tí yóò wò gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó gé e, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi rí i nínú ìwé mìíràn.

Bí kò bá sí ẹni tí yóò dáhùn, kí a kọ ohun mẹ́rin ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: ohun tí ó sọnù, ohun tí àwa gbà, ìṣirò náà, àti ààlà ìdáhùn. Lórí ọ̀rọ̀ Ìyá Àjọkẹ́, ó lè rí báyìí:

"A kò sọ iye ọsàn tí ó wà nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn ìbéèrè kò sì hàn. Mo gbà pé èrè tàbí àdánù ni a ń wá. Bí ọsàn inú agbọ̀n kan bá jẹ́ k, owó tí ó pa jẹ́ 100(3k − 24) náírà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí owó tí ó fi rà á sì jẹ́ 300k − 14,400. Ó jèrè bí k bá ju 48 lọ. Ó pàdánù bí k kò bá tó 48. Fún àpẹẹrẹ, bí k bá jẹ́ 60, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,600."

Ẹni tí ó bá máàkì ìwé yìí pẹ̀lú ìdáhùn tòótọ́ lọ́wọ́ lè fi iye tí ó sọnù sí ààyè k, kí ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ náà tọ̀nà. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó kọ "₦600" nítorí pé ó hùmọ̀ 50 tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn ẹni yẹn lè bọ́ sí i bí iye náà bá jẹ́ 50 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá bọ́ sí i, kò sí ohun tí yóò fi hàn pé ó mọ ọ̀nà.

Ọ̀nà yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Iye kan ni ó sọnù nínú ọ̀rọ̀ wa, a sì rí ìdáhùn tí ó wúlò. Ká ní iye tí ó ta ọsàn kan náà sọnù ni, àmì méjì ni à bá lò, a kò sì ní rí iye kan bíi 48 tí ó dá dúró láti fi ṣe ààlà, nítorí pé bí owó ọsàn bá ṣe ń yí ni ààlà náà yóò máa yí. Bí iye mẹ́ta bá sọnù, kò sí ohun tí ó kù tí a lè sọ ju ìtàn náà fúnra rẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ìdáhùn tí ó péye ni kí a dárúkọ àwọn iye tí a nílò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì dúró.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan yóò di olùkọ́, àwọn náà yóò sì máa kọ ọ̀rọ̀ ìṣirò fún ọmọ ní èdè Yorùbá. Kí irú wọn tó fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, kí ó fún ẹlòmíràn tí kò mọ ìdáhùn pé kí ó ṣe é. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣirò ni kì í rí iye tí ó sọnù nínú rẹ̀, nítorí pé iye náà wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó ń kà á. Ẹlòmíràn ni yóò béèrè pé, "Ọsàn mélòó ni ó wà nínú agbọ̀n kan?"